Ègé palindróòmù tó gùn jù: tí gígùn bá jẹ́ ọ́ọ̀dù ó ń jáde dáadáa, tó bá jẹ́ ífìn ó ń yẹ̀ sápá òsì

Ẹniọlá_22

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń wá ègé palindróòmù tó gùn jù nínú sítíríngì, mo ń ti àárín gbòòrò lọ sápá méjèèjì. "level" ń jáde bó ṣe yẹ, "xradary" náà ń fún mi ní "radar". Ṣùgbọ́n "tabbac" fún mi ní "tabb" dípò "abba", "aabc" ní tiẹ̀ òfìfo ló dá padà, kò sì sí ẹ́rọ̀ kankan. Mo ń wo àárín méjèèjì, ti ọ́ọ̀dù àti ti ífìn. Ibo ni mo ti ṣì í?

```python
def gun_ju(s):
    ibere, gigun = 0, 0
    for i in range(len(s)):
        for l, r in ((i, i), (i, i + 1)):
            while l >= 0 and r < len(s) and s[l] == s[r]:
                l -= 1
                r += 1
            L = r - l - 1
            if L > gigun:
                gigun = L
                ibere = i - L // 2
    return s[ibere:ibere + gigun]
```

Dáúdà_B

Àbúrò, ọ̀nà yẹn ò lè bá ẹ débi tóò ń lọ. Mo ṣe irú ẹ̀ rí, tóo bá ń ti àárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí wàá pàdánù àwọn tó fara pamọ́. Wo "abxyba", tóo bá fo y wàá rí "abxba", lẹ́tà márùn-ún, kóòdù ẹ ò sì lè rí i láéláé. Tébù tó ní ìlà àti òpó ni kóo lò, kóo máa kún un láti orí ègé kékeré lọ sórí ńlá, ibẹ̀ lèmi rí tèmi gbà.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Dáúdà, ohun tóo ṣe nígbà yẹn kọ́ ni Ẹniọlá ń bèèrè o. Tìẹ ni èyí tí wọ́n gbà kóo fo lẹ́tà kóo kó èyí tó kù jọ, tirẹ̀ ni èyí táwọn lẹ́tà gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra wọn láìfo ìkankan. Nínú "abxyba" tí a ò bá fo nǹkankan, lẹ́tà kan ṣoṣo ni palindróòmù tó gùn jù, kóòdù ẹ̀ á sì sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé tébù ló dáa fún tìẹ.

Ẹniọlá, wíwá tóo ń wá a ò ní àbùkù kankan, gbogbo palindróòmù ni kóòdù ẹ ń rí, gígùn ẹ̀ náà sì ń jáde pérépéré. Ibi tóo ti fẹ́ sọ pé "ibí ló ti bẹ̀rẹ̀" lọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìlà `i - L // 2` yẹn ni.

Jẹ́ ká jọ tẹ̀ lé "tabbac". t wà ní 0, a ní 1, b ní 2, b ní 3, a ní 4, c ní 5. Nígbà tí `i` jẹ́ 2, tóo wá wo ti ífìn, `l` bẹ̀rẹ̀ ní 2, `r` bẹ̀rẹ̀ ní 3. b àti b bára mu, `l` sún sí 1, `r` sún sí 4. a àti a bára mu, `l` sún sí 0, `r` sún sí 5. t àti c ò bára mu, lúùpù dúró síbẹ̀. Báyìí `L` jẹ́ 5 - 0 - 1, ìyẹn 4, ó pé. Lẹ́yìn náà lo wá ṣe 2 - 4 // 2, ó di 0, o gé lẹ́tà mẹ́rin láti 0, ohun tó wá jáde ni "tabb". 1 ló yẹ kó jẹ́.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ ni pé nínú ti ọ́ọ̀dù, `i` wà láàárín gan-an, iye lẹ́tà tó wà lósì ẹ̀ ló wà lọ́tùn-ún ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ti ífìn, àárín ò sí lórí lẹ́tà kankan, ó wà láàárín lẹ́tà méjì, `i` wá jẹ́ èyí tó wà lápá òsì àárín yẹn. Nínú "abba" yìí, apá òsì ní lẹ́tà méjì, `i` fúnra ẹ̀ sì wà nínú méjì yẹn, torí náà ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹ̀ tóo máa padà sí. Ìwọ wá padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹniọlá_22

Haa! Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n. Nǹkan tó ń dà mí láàmú ni pé "level" ń jáde dáadáa, mo wá rò pé ìlà yẹn ò lè ní àṣìṣe, ibòmíràn ni mo ń wò látàárọ̀. "aabc" wá ńkọ́, kí ló dé tí tiẹ̀ fi jẹ́ òfìfo, kí ló dé tí kò kàn yẹ̀ bíi ti "tabbac"?

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Àṣìṣe kan náà ni, ìwà Páítọ̀n ló jẹ́ kó yàtọ̀ lójú. "aa" ti bẹ̀rẹ̀ láti òdo, `i` jẹ́ 0, `L` jẹ́ 2, 0 - 2 // 2 di -1. O wá gé `s[-1:1]`. Lójú Páítọ̀n -1 túmọ̀ sí lẹ́tà tó kẹ́yìn, ìyẹn ipò 3, o ní kó lọ láti 3 dé 1, kò sí nǹkankan níbẹ̀, ó sì dá òfìfo padà láìpariwo. Nínú èdè míì tí kò gba ipò tó kéré sí òdo, ẹ́rọ̀ ni ì bá gbé síta kíá, wàá sì ti mọ̀ látọjọ́ kìíní. Ní Páítọ̀n, tóo bá rí òfìfo níbi tó yẹ kó kéré tán fún ẹ ní lẹ́tà kan, ipò tó ti kọjá òdo ni kóo kọ́kọ́ lọ wò.

Bóo ṣe máa tún un ṣe: má fi `i` ṣe ìṣirò kankan mọ́. Nígbà tí lúùpù bá dúró, `l` ti jáde ní ẹsẹ̀ kan sápá òsì palindróòmù, `r` náà ti jáde ní ẹsẹ̀ kan sápá ọ̀tún, yálà ọ́ọ̀dù ni o, yálà ífìn ni o. Ibẹ̀rẹ̀ palindróòmù ni `l + 1`, ó tán.

```python
            if r - l - 1 > gigun:
                gigun = r - l - 1
                ibere = l + 1
```

Àwọn kan máa ń kọ `i - (L - 1) // 2`, ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì, torí tí L bá jẹ́ ọ́ọ̀dù ìdajì ẹ̀ ò yí padà, tó bá jẹ́ ífìn ó dín kan tóo nílò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta á tún jókòó rò ó kó tó yé e. `l + 1` ń sọ ohun tó ń ṣe.

Mọ́remí_T

Ẹ dákun, kí ló dé tí ẹ̀ ń ṣe wàhálà àárín yìí? Ẹ yí sítíríngì náà padà, kẹ́ ẹ wá ègé tó gùn jù tó wà nínú méjèèjì, òun ni palindróòmù yín, torí palindróòmù kò yí padà tóo bá kà á láti ẹ̀yìn. Ọdún méjì ni mo ti ń lò ó. Kò sí ọ̀rọ̀ ọ́ọ̀dù, kò sí ọ̀rọ̀ ífìn.

Kọ́lá_Ọ̀nàtààrà

Ẹ̀gbọ́n Mọ́remí, ẹ dán "abcdpqdcba" wò. Tẹ́ ẹ bá yí i padà ó di "abcdqpdcba". "abcd" wà nínú méjèèjì, lẹ́tà mẹ́rin, ìdáhùn yín á sì jẹ́ "abcd". Ṣé palindróòmù nìyẹn? Kò sí palindróòmù tó ju lẹ́tà kan lọ nínú sítíríngì yẹn.

Mọ́remí_T

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò báyìí, òótọ́ ni, "abcd" ló jáde. Mi ò rí irú ẹ̀ rí nínú gbogbo dátà tí mo ń lò. Ó lè jẹ́ pé tí mo bá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ipò ègé yẹn nínú èyí tí mo yí padà bá ipò ẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́ mu, mo ṣì lè lò ó?

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Ẹ lè lò ó bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ń yẹ gbogbo ègé wò tí ẹ ò fi mọ sórí èyí tó gùn jù nìkan, torí èyí tó gùn jù lè jẹ́ ayédèrú nígbà tí ojúlówó tó kúrú jù ú lọ ṣì ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀. "abcd" tòkè yẹn wà ní ipò 0 sí 3 nínú ti àkọ́kọ́. Nínú èyí tí ẹ yí padà, 0 sí 3 náà ló wà, ṣùgbọ́n lẹ́tà wọ̀nyẹn ti ipò 6 sí 9 wá, wọn ò kì í ṣe ibi kan náà, ẹ jù ú nù. Kò burú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi odindi tébù tó ní ìlà àti òpó ṣe é, mẹ́mórì á di n lọ́nà n. Ti àárín yìí, òǹkà bíi mélòó kan péré ló ń gbé dání.

Kọ́lá_Ọ̀nàtààrà

Èmi náà ní ọ̀nà tó yọ ífìn kúrò pátápátá. Ẹ fi `#` sáàárín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, "tabbac" á di `t#a#b#b#a#c`. Gbogbo palindróòmù ti di ọ́ọ̀dù nìyẹn, àárín "abba" ti bọ́ sórí `#` kan. Àárín oríṣi kan ṣoṣo lẹ ó máa wò, ó sì máa yá ju ti Ẹniọlá lọ torí O(n) ni, òun ni Manacher ṣe lọ́dún 1975.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Kọ́lá, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ tọ̀nà. `#` yẹn ń sọ gbogbo ẹ̀ di ọ́ọ̀dù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dín iṣẹ́ kù. Sítíríngì tó ní lẹ́tà n ní àárín n fún ọ́ọ̀dù, ó ní n - 1 fún ífìn, àpapọ̀ 2n - 1. Ìwọ náà ti sọ sítíríngì di 2n - 1, àárín kan náà lò ń wò, kìkì pé o ti kó wọn jọ sí ìlà kan. Ohun tó jẹ́ kí ti Manacher jẹ́ O(n) ni pé nígbà tó bá wà nínú palindróòmù ńlá kan tó ti rí, kì í bẹ̀rẹ̀ àárín tuntun láti òdo, ó máa ń wo àárín tó dojú kọ ọ́ lápá òsì, ó sì mú gígùn tó ti wà níbẹ̀ lò. Láìsí ìyẹn, O(n^2) lo ṣì wà.

Nǹkan kejì, o gbàgbé `#` ní etí méjèèjì. Gbìyànjú "cbaa".

Kọ́lá_Ọ̀nàtààrà

Mo gbìyànjú ẹ̀. Ó fún mi ní "b". "aa" ni mò ń retí!

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Ó di `c#b#a#a`. Nígbà tóo dé orí b, `#` wà lósì, `#` wà lọ́tùn-ún, wọ́n bára mu, o ti ka 3 fún `#b#`, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà gidi kan ló wà nínú ẹ̀. Nígbà tóo wá dé "aa", `a#a` náà jẹ́ 3, etí sítíríngì ti dé, kò lè gbòòrò mọ́. 3 ò ju 3 lọ, o mú b. Tóo bá fi `#` sí etí méjèèjì, "aa" á di `#a#a#`, ìyẹn 5, ó sì borí. Ṣé o rí i, ífìn tóo sá fún lẹ́nu ọ̀nà ló gba fèrèsé wọlé padà. Ìdí nìyẹn témi fi fẹ́ràn kí n kọ àárín méjèèjì síta gbangba bíi ti Ẹniọlá, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ mo mọ èwo nínú méjèèjì ni mo máa mú.

Ìyá_Ìbejì_Dev

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ àárín ọ̀rọ̀. Kóòdù tẹ́ ẹ ti tún ṣe yìí ni mo mú, mo fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe lórí àkójọ ọ̀rọ̀. Mo fún un ní "ọ̀rọ̀". Lójú tèmi, ọ̀ wà níwájú, r láàárín, ọ̀ lẹ́yìn, palindróòmù tó pé ni. Lẹ́tà kan ló dá padà fún mi. Mo wá ní kó ka gígùn ẹ̀, 5 ló sọ! Lẹ́tà mẹ́ta ni mo rí o.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Ẹ káàbọ̀ mà. Kọ̀ǹpútà ò rí ọ̀ bíi lẹ́tà kan. Ọ tó ní àmì lábẹ́ jẹ́ ọ̀kan, àmì ohùn tó wà lórí ẹ̀ jẹ́ òmíràn tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Torí náà ohun tí kóòdù ń rí ni: ọ, àmì, r, ọ, àmì. Tó bá dé orí r, àmì ló wà lósì, ọ ló wà lọ́tùn-ún, wọn ò bára mu, ó dúró. À àti á ò ní ṣe yín bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ní àkópọ̀ tiwọn tó jẹ́ ẹyọ kan, tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí wàhálà yìí máa fara hàn lórí ọ̀rọ̀ kan tí kì í sì í hàn lórí òmíràn.

Ẹ ò ní láti fọwọ́ kan kóòdù tó ń wá palindróòmù rárá. Ẹ kàn so àmì mọ́ lẹ́tà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́:

```python
import unicodedata

def so_po(s):
    ara = []
    for c in unicodedata.normalize("NFC", s):
        if ara and unicodedata.combining(c):
            ara[-1] += c
        else:
            ara.append(c)
    return ara
```

Ohun tó máa jáde jẹ́ lísìtì, "ọ̀rọ̀" á di nǹkan mẹ́ta, kóòdù Ẹniọlá á máa fi wọ́n wéra bó ṣe ń fi lẹ́tà wéra. Ẹ fi `"".join(...)` kó èsì jọ lẹ́yìn ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Dev

Ó ti jáde! Ẹ ṣé púpọ̀. Ìbéèrè tó kù mí kù ni gb. Lẹ́tà kan ni gb nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, èyí tí ẹ kọ yìí á pín in sí g àti b. "agba" wá ńkọ́? Tí gb bá jẹ́ ẹyọ kan, a, gb, a, palindróòmù ni.

Mọ́remí_T

Lójú tèmi gb ẹyọ kan ni, kẹ́ ẹ so òun náà pọ̀.

Dáúdà_B

Ṣùgbọ́n tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá wo "agba" lójú ìwé tó sì kà á láti ẹ̀yìn, "abga" ló máa rí. Mi ò rò pé ó yẹ ká pè é ní palindróòmù.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Ẹ̀yin tí ẹ ni iṣẹ́ lẹ máa pinnu ìyẹn mà, kóòdù ò lè bá yín pinnu ẹ̀. Ohun yòówù tí ẹ bá kà sí ẹyọ kan, inú `so_po` ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́.

Ẹniọlá_22

Mo ti yí ìlà yẹn sí `l + 1`, "tabbac" àti "aabc" ti ń jáde dáadáa. Mo wá dán ìwé kan tó ní lẹ́tà bíi ọ̀kẹ́ kan wò, ó yá bíi iná. Mo tún wá fi lẹ́tà `a` nìkan kún 20,000, ó wá ń falẹ̀, mo dúró títí. Iye lẹ́tà kan náà ni méjèèjì ní, kí ló fà á?

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Wo inú `while` yẹn: gbogbo ìgbà tó bá wọlé, ó ti rí palindróòmù kan. Iye ìgbà tó máa yí jẹ́ iye palindróòmù tó wà nínú sítíríngì náà gan-an, ká ka èyí tó jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo mọ́ ọn. Nínú ìwé táwọn èèyàn kọ, èyí tó pọ̀ jù á dúró lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan tàbí méjì, iṣẹ́ ẹ̀ sún mọ́ n. Nínú a nìkan, gbogbo ègé tóo bá gé ni palindróòmù, iye wọn jẹ́ n(n + 1)/2, fún 20,000 ìyẹn 200,010,000. Kóòdù ẹ ò burú, ohun tóo fún un ló le.

O lè dá a dúró ṣáájú. Láti àárín `i`, ọ́ọ̀dù ò lè ju `2 * min(i, n - 1 - i) + 1` lọ, torí etí wà níbẹ̀. Tí ohun tó ti wà lọ́wọ́ ẹ bá ti ju ìyẹn lọ ní ìdajì kejì, kò sí ìdí láti máa bá a lọ.

Kọ́lá_Ọ̀nàtààrà

Kó kúkú bẹ̀rẹ̀ láti àárín sítíríngì kó máa lọ sí etí, lórí a nìkan á parí lẹ́yìn àárín méjì mẹ́ta.

Alágbẹ̀dẹ_Kóòdù

Lórí a nìkan, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n fi `b` kan sáàárín àwọn a tí kò dọ́gba lápá méjèèjì, wàá tún ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Wàá sì tún pàdánù nǹkan kan: báyìí, tí palindróòmù méjì bá gùn bákan náà, `>` ń mú èyí tó wà lápá òsì jù. Tóo bá ń bẹ̀rẹ̀ láàárín, èyí tó sún mọ́ àárín ni wàá mú. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ń retí ti òsì, á ta ko ẹ́.

Kọ́lá_Ọ̀nàtààrà

Mi ò tíì gbà pé iṣẹ́ ẹ̀ á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ o, mo máa kọ ọ́ lálẹ́ yìí kí n kà á.

Ẹniọlá_22

Èmi ò ní yí i padà ní tèmi, òsì jù ni mo nílò. Mo ti kọ òmíràn tó ń yẹ gbogbo ègé wò lọ́kọ̀ọ̀kan láìlo ọgbọ́n kankan, mo wá fi gbogbo sítíríngì tí èèyàn lè fi a àti b kọ láti lẹ́tà kan dé mẹ́jọ dán méjèèjì wò pọ̀, 510 ni wọ́n. Gbogbo ẹ̀ bára mu. Mo dá `i - L // 2` padà síbẹ̀ kí n wò ó, "aa" tó jẹ́ ìkẹta nínú wọn ló ti kọ́kọ́ kùnà.